Ìgbà wo ni “must have”, ìgbà wo ni “should have”?

*“Ẹ káàárọ̀ o, olùkọ́ wa. Mò ń múra sílẹ̀ fún JAMB, ibì kan sì ń dà mí láàmú nínú gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á fún wa ní ìtàn kékeré, wọ́n á ní ká fi ẹ̀rí inú rẹ̀ sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Bí mo bá kọ “should have”, wọ́n á ní “must have” ni. Bí mo bá kọ “mustn't have”, wọ́n á fa ìlà pupa sí i. Bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ́ mi pé “gbọ́dọ̀” ni “must”, “yẹ kí” sì ni “should”. Kí ni mo ń ṣì mú?”*

Ohun kan wà tó yẹ kó o kọ́kọ́ bi ìtàn náà kó o tó mú bírò: ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àbí àmì tó rí ló fi ń ṣírò rẹ̀? Bó bá ti mọ̀, kò sí ohun tó ń wá mọ́. Ohun tó kù fún un ni kó kábàámọ̀, kó bínú, tàbí kó dá ẹnì kan lẹ́bi, ibẹ̀ sì ni ilé “should have”. Bí kò bá mọ̀, tó jẹ́ pé àmì ló ń tẹ̀ lé, a jẹ́ pé “must have”, “may have”, “might have”, “could have” tàbí “can't have” ló máa wá.

Jẹ́ ká ní o ti ọjà dé, o bá ilẹ̀ àgbàlá ní tútù, omi ń kán lára ewé máńgòrò, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ lójú rẹ. Wàá sọ pé “It must have rained.” O kò rí òjò, ilẹ̀ ló sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n bó o bá rí aṣọ tí o sá sórí okùn tó ti rin gbingbin, tí àbúrò rẹ sì jókòó sínú ilé, ohun tí wàá sọ fún un ni “You should have brought the clothes in.” Kò sí ìṣírò kankan nínú èyí. Aṣọ náà wà níwájú rẹ, o mọ̀ pé kò kó wọn wọlé. “Should have” ń sọ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: pé ó yẹ kí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, àti pé kò ṣẹlẹ̀. Apá kejì yìí ni JAMB máa ń dọdẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí, ní ibi tí wọ́n ti ń ní kó o mú ìtumọ̀ tó bá gbólóhùn mu jù. Bí gbólóhùn náà bá jẹ́ “Bisi should have told her mother”, ìdáhùn ni pé Bísí kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá mú èyí tó ní ó ṣeé ṣe kí Bísí ti sọ, ìṣírò ló ń ṣe níbi tí gbólóhùn ti ń dáni lẹ́bi.

Ní ti “gbọ́dọ̀”, ohun tí wọ́n kọ́ ọ kì í ṣe irọ́, ó kàn jẹ́ ìdajì. “Must” fúnra rẹ̀ lè jẹ́ àṣẹ: “You must pay today”, o gbọ́dọ̀ san án lónìí. Ṣùgbọ́n bí “have” bá ti tẹ̀ lé e, tí ìrísí kẹta ọ̀rọ̀-ìṣe sì tẹ̀ lé “have”, lọ́pọ̀ ìgbà, àṣẹ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ìṣírò ló kù. Bó bá jẹ́ pé ọ̀ràn-anyàn gan-an lo fẹ́ sọ nípa àná, “had to” ni gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un. “He had to sell his car” túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ le débi pé ó ní láti ta mọ́tò rẹ̀, a sì mọ̀ pé ó tà á. “He must have sold his car” túmọ̀ sí pé a kò rí mọ́tò náà ní iwájú ilé mọ́, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà ó ní láti jẹ́ pé ó ti tà á.

Wo bí Yorùbá ṣe pín in: “ó ní láti tà á”, “ó ní láti jẹ́ pé ó ti tà á”. “Jẹ́ pé” yẹn ló ń fi hàn pé ìṣírò ni à ń ṣe. Nítorí náà, bó o bá dé ibi òfìfo, má fi “gbọ́dọ̀” dán an wò. “Ó ní láti jẹ́ pé” ni kó o fi dán an wò. Bó bá wọ̀ ọ́, tí ìtàn náà sì gbè é lẹ́sẹ̀, “must have” ni. Bó bá jẹ́ “ó yẹ kó ti ṣe é, kò sì ṣe é” ló wọ̀ ọ́, “should have” ni.

“Must have” kò ní agbára tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Bó o bá rí ọkùnrin náà lójú ara rẹ tó ń gba owó mọ́tò, “He has sold his car” tàbí “He sold his car” ni wàá sọ, o kò ní fi “must” kún un. Ẹni tó bá lo “must have” ti jẹ́wọ́ pé òun kò sí níbẹ̀, pé ọkàn òun ló dá òun lójú. Ìyẹn ni pé bó ṣe dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú tó ni “must have” ń sọ, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ dandan. Àwọn àgbà wa ní òwe kan tó jẹ́ ìṣírò pọ́ńbélé: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹni tó ń pa òwe náà, “must have” ló wà lọ́kàn rẹ̀: “The witch must have killed the child.” Ṣùgbọ́n bí olùdánwò bá fún ọ ní kìkì àmì méjì yẹn, igbe àná àti ikú òní, láìsí ohun tó so wọ́n pọ̀, “may have” tàbí “could have” ni ẹ̀rí náà lè gbé. Ohun tí ìdánwò ń wọ̀n ni ìwúwo ẹ̀rí tó wà lórí ìwé, kì í ṣe ohun tí gbogbo àdúgbò ti gbà.

Ó kan “mustn't have”, níbi tí gẹ̀ẹ́sì ti ń dẹ pàkúté fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí “mustn't” ń ṣe ni pé ó ń kà á léèwọ̀: “o kò gbọ́dọ̀”. Èèyàn lè ka ohun òní àti ti ọ̀la léèwọ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n ta ló lè ka ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lánàá léèwọ̀? Ìdí nìyẹn tí gẹ̀ẹ́sì tí à ń kọ́ nílé ìwé wa, tó tẹ̀ lé ti Bìrìtéènì, kì í fi “mustn't have” ṣe ìyísódì “must have” nínú ìṣírò. Ó ń yí ọ̀rọ̀ náà padà pátápátá: “He must have left” di “He can't have left” tàbí “He couldn't have left”. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń sọ “He must not have heard me”, kò sì sí ẹni tí yóò fa ìlà pupa sí i lọ́hùn-ún. Bó o bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń gbé ní Hústọ́ọ̀nù, má bá a jiyàn, ṣùgbọ́n má lò ó nínú ìdánwò rẹ.

Yorùbá tí o gbọ́ láti kékeré lè ràn ọ́ lọ́wọ́ nínú apá ìyísódì yìí ju gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ lọ. Gbọ́ gbólóhùn méjì yìí: “Ó lè má tíì jáde.” “Kò lè tíì jáde.” Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò pè wọ́n ní ọ̀kan náà. Nínú ti àkọ́kọ́, àyè ṣì ṣí sílẹ̀: bóyá ó ti jáde, bóyá kò tíì jáde. Nínú èkejì, a ti ti ilẹ̀kùn: kò ṣeé ṣe rárá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìyísódì jókòó sí ló ṣe é. “Má” wà lẹ́yìn “lè” nínú ti àkọ́kọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń yí sódì. “Kò” wà níwájú “lè” nínú èkejì, ṣíṣeéṣe fúnra rẹ̀ ló ń yí sódì.

Nínú gẹ̀ẹ́sì, ibi tí “not” wà kò ní sọ èyí fún ọ, nítorí pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ aṣèrànwọ́ ló máa ń wà nígbà gbogbo. Ọ̀rọ̀ aṣèrànwọ́ tí o bá mú ló ń sọ ọ́. “He may not have left” àti “He might not have left” ni “ó lè má tíì jáde”. “He can't have left” àti “He couldn't have left” ni “kò lè tíì jáde”. Èyí tó ń tan èèyàn jù nínú wọn ni “could”. Bí kò bá sí ìyísódì, “could have” àti “might have” jọ ń rìn: “He could have left, he might have left”, bóyá ó ti jáde. Ṣùgbọ́n bí “not” bá ti dé, wọ́n á yà kúrò lára ara wọn. “Might not have” ṣì ń sọ “bóyá”, “couldn't have” ti sọ “kò ṣeé ṣe”. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ gbogbo yòókù dáadáa tó ń sọ máàkì nù síbí, torí ó rò pé bí wọ́n ṣe jọ wọlé ni wọ́n máa jọ jáde.

“Má” kan ṣì wà tó gbọ́dọ̀ yé ọ. A máa ń sọ pé “àfàìmọ̀ kó má ti sùn”. “Má” yẹn kì í ṣe ìyísódì ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ó jọ pé ó ti sùn. Bí ìṣírò rẹ bá wá sí ọ lọ́kàn báyìí, “must have” tàbí “may well have” ni kó o kọ. Má jẹ́ kí “má” yẹn mú ọ fi “not” kún un.

Jẹ́ ká wá gbé ìtàn kan kalẹ̀ ká sì ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá gbé ìkòkò ẹran díndín sórí tábìlì ilé ìdáná, ó jáde ní aago 2. Fèrèsé ilé ìdáná ṣí sílẹ̀. Nígbà tó padà dé ní aago 4, ìkòkò ti ṣófo, ọmọrí onígíláàsì rẹ̀ ti já bọ́, ó sì ti fọ́ yángá sórí sìmẹ́ǹtì. Ẹrẹ̀ tútù wà lójú fèrèsé, ó sì tò wá dé ìdí tábìlì, ṣùgbọ́n ó ti fẹ̀ débi pé a kò mọ irú ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Kúnlé wà ní pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé láti aago 1 títí di aago 5, kóòṣì sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìpè. Ṣadé wà nínú yàrá rẹ̀, ó ní òun kò gbọ́ ohunkóhun. Àwọn aládùúgbò ní ajá kan, ológbò kan sì máa ń rìn kiri nínú ọgbà. Wọ́n wá ní kó o dí àwọn òfìfo yìí:

```
1. Kunle ______ (eat) the meat.
2. Something ______ (come) in through the window.
3. Sade ______ (sleep) when the lid broke.
4. The neighbours' dog ______ (eat) the meat.
5. Mama ______ (shut) the window before she went out.
```

Kúnlé ló rọrùn jù. Pápá ló wà ní gbogbo wákàtí tí ẹran fi pòórá, ìwé ìpè sì jẹ́rìí sí i. Kò lè jẹ́ òun: “can't have eaten” tàbí “couldn't have eaten”. Bó o bá kọ “might not have eaten”, ohun tí o ń sọ ni pé ó ṣì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun, o sì ti sọ ìwé ìpè kóòṣì di asán.

Ní ti èkejì, ẹrẹ̀ tútù tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú fèrèsé tó sì tò dé ìdí tábìlì kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀nà mìíràn. “Must have come”. Kíyè sí i pé “Something” ni wọ́n kọ, wọn kò kọ “the dog”. Ẹ̀rí náà tó láti sọ pé nǹkan kan gba ibẹ̀ wọlé, kò tó láti sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Èyí ló ya gbólóhùn 2 sọ́tọ̀ kúrò lára gbólóhùn 4. Ajá lè jẹ ẹ́, ológbò náà lè jẹ ẹ́, ẹsẹ̀ inú ẹrẹ̀ kò sì yanjú rẹ̀. Nítorí náà “may have eaten”, “might have eaten” tàbí “could have eaten”. Èyí tó bá wù ọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tọ̀nà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ “must have eaten” fún ajá ti fi ẹ̀sùn kàn án kọjá ohun tí ìwé sọ.

Gbólóhùn 3 fẹ́ ohun kan sí i. Bí a bá gba Ṣadé gbọ́ pé kò gbọ́ ìró ìfọ́ gíláàsì nínú ilé kan náà, ó ní láti jẹ́ pé ó ń sùn lọ́wọ́ nígbà náà. Oorun yẹn ṣì ń lọ nígbà tí ọmọrí fọ́, nítorí náà kì í ṣe “must have slept”, “must have been sleeping” ni. “Must have slept” yóò dà bí ìgbà tí o ń sọ nípa oorun tó ti parí: o rí ojú ẹnì kan tó mọ́lẹ̀ kedere láàárọ̀, o ní “You must have slept well.”

Gbólóhùn 5 ni wọ́n fi dán ọ wò gan-an. Ìtàn ti sọ fún wa pé fèrèsé ṣí sílẹ̀. A mọ̀ pé Ìyá kò tì í, kò sí ohun tí à ń ṣírò. “Should have shut”. Ẹni tó bá ń fi “gbọ́dọ̀” dán òfìfo wò yóò kọ “must have shut” síbí, torí ó ń rò lọ́kàn pé ìyá ilé gbọ́dọ̀ ti fèrèsé kó tó jáde. Ohun tó kọ sílẹ̀ yóò wá túmọ̀ sí pé ó dájú pé Ìyá ti fèrèsé náà, èyí tó tako ìtàn.

Lẹ́yìn tó o bá ti ṣe tán, yí ẹ̀rí kan padà kó o wo bí ìdáhùn ṣe máa yí. Bí aládùúgbò bá ní láti àárọ̀ ni ajá òun ti wà lọ́dọ̀ dókítà ẹran, gbólóhùn 4 di “can't have eaten”. Bí ẹrẹ̀ náà bá fi ojú ẹsẹ̀ ajá hàn kedere, tí kò sì sí ajá mìíràn ládùúgbò, ó di “must have eaten”. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Ṣadé pé irọ́ ló ń pa, gbólóhùn 3 rọ̀ sílẹ̀ di “might have been sleeping”. Bó o bá ń dánra wò nílé, iṣẹ́ yìí ni kó o máa ṣe: mú ìdáhùn tó o ti ní, kó o wá ẹ̀rí tó lè gbé e sókè tàbí tó lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ń kọ́ni ju kíka òfin sórí lọ.

“Could have” tún ní ojú kejì tí wàá bá pàdé. “You could have called me!” kì í ṣe ìṣírò. Ẹni tó sọ ọ́ mọ̀ pé ìwọ kò pè é, ohun tó ń sọ ni pé agbára rẹ ká a, o kò sì ṣe é. Ó sún mọ́ “should have” gan-an. Ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ náà ló máa yà wọ́n: ṣé ó mọ̀, àbí kò mọ̀? “Should have” pẹ̀lú máa ń jáde kúrò nílé rẹ̀ nígbà kan. “The bus should have arrived by now” kò fi dandan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìrètí ló jẹ́, pé bí nǹkan bá lọ bó ṣe máa ń lọ, ọkọ̀ náà ti dé báyìí. “By now” ni àmì rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Yorùbá náà ní i: “ó yẹ kí ọkọ̀ ti dé báyìí”.

Ní ti bí a ṣe ń kọ ọ́, “have” kì í yí padà lẹ́yìn àwọn ọ̀rọ̀ yìí. “He must has gone” àti “he must had gone” kò sí. Ìrísí kẹta ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: “gone”, kì í ṣe “went”, “eaten”, kì í ṣe “ate”. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ṣe nǹkan sí nǹkan, fi “been” sí i: “My phone must have been stolen.” Etí ló ń fa “should of” tí àwọn èèyàn ń kọ lórí fóònù, torí bí wọ́n ṣe ń pe “should've” nìyẹn. “Have” ni.

Bó o bá tún ń rò ó láti ṣe ìdánwò Kéńbíríìjì tí wọ́n ń pè ní B2 First, wàá bá irú iṣẹ́ yìí ní apá tí wọ́n ti ń ní kó o fi ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fún ọ tún gbólóhùn kọ. Ọ̀rọ̀ 2 sí 5 ni wọ́n gbà ọ́ láàyè láti kọ, èyí tí wọ́n fún ọ sì wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé kúrú, bí “shouldn't”, 2 ni wọ́n ń kà á sí, àyàfi “can't” tí wọ́n ń kà sí 1. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló máa ń sọ ìdáhùn fún ọ. “Perhaps” ń pe “might have”. “It was wrong of you to lend him money” ń pe “shouldn't have lent”. “I'm sure” ń pe “must have”, tàbí “can't have” bí ìyísódì bá tẹ̀ lé e. Kà á dáadáa kó o rí ibi tí ìyísódì náà wà. “I'm sure Tolu didn't see the message” ni “Tolu can't have seen the message.” Bí wọ́n bá kọ “I'm not sure Tolu saw the message”, ó lè má tíì rí i ni: “Tolu might not have seen the message.”